Omi Tó Wà Nínú Bíréèkì

Ẹjọ́ kan wà tí mẹ̀káníìkì máa ń gbọ́ tí kì í fẹ́ gbà gbọ́. Dẹ́rẹ́bà á gbé mọ́tò dé, á ní, "Ọ̀gá, nígbà tí mo ń sọ̀kalẹ̀ láti Ẹfọ̀n-Alààyè bọ̀ lọ́nà Erinmọ̀ lánàá, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi lọ kanlẹ̀. Kò mú rárá. Gíà ni mo fi rọra mú un títí ó fi dúró." Mẹ̀káníìkì á wọ inú mọ́tò, á tẹ pẹ́dà, pẹ́dà á sì le gbagidi. Á yọjú wo abẹ́ ọkọ̀, kò sí ibi tó ń jò. Á ṣí bọ́ńẹ́ẹ̀tì, fúlúìdì kún dé ojú àmì. Á nu ọwọ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì yín dáa o. Ó rẹ̀ yín ni."

Òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ. Bíréèkì já lánàá, ó sì dá lónìí láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Fúlúìdì tó wà lẹ́bàá táyà ló hó. Nígbà tó wá tutù, èéfín tó hó jáde lára rẹ̀ padà di olómi, pẹ́dà sì le padà. Ìdí nìyẹn tí irú àìsàn yìí kì í fi í ṣẹlẹ̀ lójú mẹ̀káníìkì. Tí mọ́tò bá fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ti yá.

Tí a bá fẹ́ mọ ìdí tí fúlúìdì fi lè hó, àti ìdí tí ọ̀kan fi ń tètè hó ju èkejì lọ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, másítà sílíńdà á ti fúlúìdì sínú páìpù, fúlúìdì á sì ti páàdì mọ́ dísìkì. Kò sí okùn, kò sí irin kankan tó so ẹsẹ̀ dẹ́rẹ́bà mọ́ táyà ju fúlúìdì yìí lọ. Ó ń ṣiṣẹ́ nítorí pé nǹkan olómi kì í gbà kí a fún òun pọ̀. Bí a ṣe tì í níhìn-ín ló ṣe máa ti nǹkan lọ́hùn-ún. Afẹ́fẹ́ àti èéfín kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbà kí a fún wọn pọ̀, wọn ò sì ní ti ohunkóhun títí a ó fi fún wọn dé ibi tó le.

Fúlúìdì tí pẹ́dà ń tì lọ nígbà kan ṣoṣo kò pọ̀ rárá. Nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré, nǹkan bíi mílílítà 10 sí 20 ni. Bẹ́ẹ̀, èékán omi kan, tí kò ju ìdá kan nínú ogún mílílítà lọ, tó bá hó tó di èéfín, á gba ààyè tó lé ní mílílítà 80. Tí dẹ́rẹ́bà bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, èéfín yìí á wú, á sì ti fúlúìdì padà sókè sínú ike rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá tún padà dé orí pẹ́dà, gbogbo ìrìn pẹ́dà á parí sórí fífún èéfín pọ̀, kò ní ku nǹkan kan tó máa kan páàdì. Èékán omi kan péré ló fa ẹsẹ̀ tó lọ kanlẹ̀ yẹn.

Ooru tó ń mú un hó kì í ṣe kékeré. Ẹ gbà pé mọ́tò kan àtàwọn tó wà nínú rẹ̀ wúwo tó kìlógíráàmù 1,800, tó sì ń sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè tó ga ní mítà 200. Tó bá jẹ́ pé bíréèkì nìkan ló dá a dúró láti òkè dé ìsàlẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì kò ràn án lọ́wọ́, ooru tó máa bọ́ sára bíréèkì á tó láti hó omi ẹ̀rọ tó lé ní lítà 11. Bíréèkì iwájú ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, nítorí pé bí mọ́tò bá ń dúró, ìwúwo á dà síwájú. Ooru yìí á gba ara dísìkì wọ páàdì, á gba ara páàdì wọ písítìnnì kálípà, ẹ̀yìn písítìnnì náà gan-an ni fúlúìdì wà.

Ohun tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé kì í ṣe àárín gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni wàhálà yìí sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí mọ́tò bá ń lọ, atẹ́gùn ń fẹ́ dísìkì. Tí dẹ́rẹ́bà bá wá dúró nísàlẹ̀ òkè láti ra àgbàdo sísun, atẹ́gùn ti dákẹ́, dísìkì tó gbóná ṣì wà níbẹ̀, gbogbo ooru rẹ̀ á sì máa yọ́ wọ kálípà. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, fúlúìdì inú kálípà á gbóná ju bó ṣe gbóná nígbà tí ọkọ̀ ń lọ. Dẹ́rẹ́bà á padà wọlé, á gbéra, yóò sì tẹ bíréèkì àkọ́kọ́ sínú òfìfo.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká mú ìgò fúlúìdì lọ́wọ́ ká ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára. DOT 3, DOT 4, DOT 5.1 tàbí DOT 5 lẹ máa bá níbẹ̀. Àjọ ìrìnnà ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló gbé ìlànà náà kalẹ̀, lẹ́tà orúkọ àjọ náà sì ni DOT. Gbogbo ayé ló ń lò ó báyìí. Fún oríṣi kọ̀ọ̀kan, ìlànà náà béèrè ìwọ̀n ooru méjì tí fúlúìdì kò gbọdọ̀ hó ṣáájú wọn. Àkọ́kọ́ jẹ́ ti fúlúìdì tuntun tí kò tíì fojú kan ọ̀rinrin. Èkejì jẹ́ ti fúlúìdì yẹn kan náà lẹ́yìn tó bá ti mu omi tó nǹkan bí ìdá 3.7 nínú ọgọ́rùn-ún.

DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó gbóná dé dígírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 205. Tó bá ti mu omi, 140 ni. DOT 4 jẹ́ 230 nígbà tó wà ní tuntun, 155 nígbà tó bá ti mu omi. DOT 5.1 àti DOT 5 jẹ́ 260 àti 180. Iye tó tóbi ni àwọn tó ń tà á máa ń tọ́ka sí. Èyí tó kéré ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò, nítorí pé òun ló sún mọ́ ohun tó wà nínú mọ́tò tó ti ń sáré láti ọdún bíi mélòó kan.

Ẹ tún wo ìdá 3.7 yẹn dáadáa. Nínú mọ́tò tí gbogbo fúlúìdì rẹ̀ tó lítà kan, ìyẹn jẹ́ mílílítà 37, kò pé ṣíbí ìjẹun mẹ́ta. Omi tí kò pé ṣíbí mẹ́ta ló fa DOT 3 lulẹ̀ láti 205 sí 140.

Kí ló dé tí omi kékeré fi lágbára tó bẹ́ẹ̀, kí sì ni omi ọ̀hún ń wá nínú ohun tí a dé pa? Ìdáhùn wà nínú ohun tí wọ́n fi ṣe fúlúìdì. DOT 3 kì í ṣe òróró. Àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní gíláíkọ́ọ̀lù íítà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ̀rún wọn gùn, ọ́síjìn sì wà káàkiri ara rẹ̀, pẹ̀lú ọ́síjìn àti háídírójìn ní ìdí rẹ̀. Omi náà jẹ́ ọ́síjìn àti háídírójìn, ara wọn sì ń fa ara wọn. Níbi tí fúlúìdì bá ti pàdé ọ̀rinrin, kò ní jẹ́ kó lọ. Ọ̀rinrin á sì pàdé rẹ̀, ẹ má ṣiyèméjì. Ìdérí ike fúlúìdì ní ojú ihò kékeré tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé bí fúlúìdì bá ti ń sọ̀ kalẹ̀, rọ́bà họ́ọ̀sì tó lọ sí táyà sì ń jẹ́ kí ọ̀rinrin yọ́ gba ara rẹ̀ kọjá díẹ̀díẹ̀. Ní Èkó tàbí ní Kútọnu tí afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ wọlé, tí aṣọ tí a sá kì í fẹ́ gbẹ lásìkò òjò, ọ̀rinrin tó wà nítòsí pọ̀ ju ti ibi tó gbẹ lọ fíìfíì.

Bí omi bá ti wọ inú rẹ̀, kì í hó ní 100 bíi ti inú ìkòkò, nítorí pé gíláíkọ́ọ̀lù dì í mú. Ó gbọ́dọ̀ gbóná kọjá 100 dáadáa kó tó lè já kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ló kọ́kọ́ máa ń já kúrò, torí pé òun ló fúyẹ́ jù. Bí omi bá ti ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwọ̀n ooru tí àkọ́kọ́ èéfín yóò jáde ń lọ sílẹ̀.

Ibí ni DOT 4 ti yàtọ̀. Gíláíkọ́ọ̀lù íítà yẹn kan náà ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti so apá kan nínú rẹ̀ mọ́ bórọ́ọ̀nù láti inú ásíìdì bóríìkì, ohun tó sì jáde níbẹ̀ ni wọ́n ń pè ní bóréètì. Bí omi bá dé, bóréètì á bá a jà ní ti kẹ́mísírì. Ó máa tú ká, á gba omi náà sára, omi ọ̀hún kò sì ní wà lómìnira mọ́ láti di èéfín. Bí ìgbà tí a bu omi díẹ̀ sórí gàrí gbígbẹ ni, omi wà nínú abọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ ò lè rí i dà sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí DOT 4 fi di 155 mú níbi tí DOT 3 ti jábọ́ sí 140.

Àmọ́ gàrí náà ní ibi tó ń mumi dé. Nígbà tí bóréètì bá tán, omi tó bá tún wọlé á wà lómìnira, ìwọ̀n ooru tí fúlúìdì fi ń hó á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ kíákíá. Ẹni tó bá wá torí pé DOT 4 lágbára jù, tó fi í sínú mọ́tò, tó sì gbàgbé rẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò rí èrè owó tó fi kún un. DOT 4 ń béèrè pé kí a máa pààrọ̀ òun lásìkò. Ọdún méjì-méjì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò ní Yúróòpù ń sọ fún àwọn oníbàárà wọn.

DOT 5.1 tún jẹ́ ìdílé kan náà, pẹ̀lú bóréètì tó pọ̀, àmọ́ wọ́n ṣe é kí ó ṣàn dáadáa nínú òtútù. Òfin náà ń wọn bó ṣe ki tó ní dígírì 40 sísàlẹ̀ òdo. Òtútù bẹ́ẹ̀ kò kan ẹni tó wà ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, ó kan àwọn ará wa ní Ṣíkágò nígbà tí yìnyín bá bo mọ́tò. Ohun mìíràn tó wà fún ni ABS, nítorí pé fálífù kéékèèké inú rẹ̀ ń ṣí, wọ́n ń pa dé, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, fúlúìdì tó bá sì ki máa ń fà wọ́n sẹ́yìn.

Ẹni tó bá ti ka ibi tí a dé yìí á bi mí pé, kí ló dé tí wọn ò ṣe fúlúìdì tí kì í mu omi rárá? Wọ́n ti ṣe é. Òun ni DOT 5, sílíkóònù ni wọ́n fi ṣe é, àwọ̀ àlùkò ni wọ́n sì máa ń pa á láró kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mú. Omi kì í wọ inú rẹ̀. Kì í ba ọ̀dà ara mọ́tò jẹ́, nígbà tó jẹ́ pé àwọn yòókù á bó ọ̀dà tí wọ́n bá kán sí lórí. Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ń lò ó fún ọkọ̀ tó lè wà lórí ìdúró fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ Háálì-Dáfídísìn náà sì fi sínú alùpùpù rẹ̀ fún ọjọ́ pípẹ́ kó tó padà sí DOT 4.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé kíkọ̀ tó kọ omi kò lé omi lọ. Ọ̀rinrin tó gba ihò ìdérí wọlé á kóra jọ di èékán, á sì rì lọ sí ibi tó lọ sílẹ̀ jù nínú ètò bíréèkì. Ibẹ̀ ni inú kálípà, ibi tó gbóná jù lọ. Omi yẹn wà ní tòun, kò sí ẹni tó dì í mú, nítorí náà ní 100 ló máa hó. A ra ohun tí kì í hó ṣáájú 260, a wá ní ibì kan nínú rẹ̀ tó ń hó ní 100. Omi tó dá dúró bẹ́ẹ̀ á tún máa jẹ irin kálípà níbi tó bá ti jókòó. Yàtọ̀ sí èyí, sílíkóònù máa ń gba afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀, pẹ́dà rẹ̀ sì máa ń rọ̀ díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ABS á pò ó pọ̀ di ìfófòó. Nítorí náà, mímu tí DOT 3 àti DOT 4 ń mu omi kì í ṣe àbùkù tí wọn kò rí ojútùú sí. Wọ́n gbà pé omi á wọlé lọ́nàkọnà, wọ́n wá yan èyí tó máa tú u ká sínú gbogbo fúlúìdì dípò kó kóra jọ síbì kan.

Láti inú èyí ni a ti lè mọ ohun tó yẹ ká ṣe àti ohun tó jẹ́ àṣìṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Àṣìṣe tí mo rí jù ni ìgò tí wọ́n ti ṣí. Mẹ̀káníìkì á lo ìdajì, á fi àkísà dí ẹnu ìyókù, á gbé e sábẹ́ bẹ́ǹṣì dé oṣù tó ń bọ̀. Fúlúìdì yẹn ti ń mu omi kó tó dé inú mọ́tò ẹnikẹ́ni. Ìgò kékeré tí wọ́n bá ṣí lójú yín, tí awọ tó wà lẹ́nu rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn, sàn ju ìgò ńlá tí iye rẹ̀ rọrùn lọ.

Àṣìṣe kejì ni bíbu kún un. Fúlúìdì bíréèkì kì í yí káàkiri bí omi rédíétọ̀. Èyí tó wà nínú ike máa ń wà nínú ike, èyí tó wà ní kálípà sì máa ń wà níbẹ̀, wọ́n kàn ń ti ara wọn síwá sẹ́yìn díẹ̀ ni. Fúlúìdì tuntun tí a bu sókè kò ṣe nǹkan kan fún èyí tó ti gbó nísàlẹ̀. Pẹ̀lúpẹ̀lù, tí fúlúìdì bá ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ tí kò sì sí ibi tó ń jò, páàdì ló ń jẹ. Ẹni tó ń bu kún un ń pa ẹnu ẹni tó fẹ́ kìlọ̀ fún un mọ́ ni.

Ojú nìkan kò tó láti fi mọ̀ bóyá omi ti pọ̀. Fúlúìdì dúdú lè jẹ́ ti rọ́bà tó ń jẹ, èyí tó mọ́ kedere sì lè ti mu omi yó. Kálámù kan wà tí wọ́n ń tà, tó ní iná mẹ́ta, tí wọ́n ń kì bọ inú ike. Ó ń wo bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú fúlúìdì kọjá ni, kò fojú kan omi fúnra rẹ̀, nítorí náà oríṣi fúlúìdì lè tàn án jẹ. Ó tún jẹ́ pé inú ike lókè ló wò, kò wo kálípà. Ẹ̀rọ tó ń gbé fúlúìdì díẹ̀ kaná títí á fi hó ló ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ṣọ́ọ̀bù ló ní i. Ní tèmi, tí ẹ kò bá mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, tàbí tí ẹ ra tòkúnbọ̀ tí kò ní ìwé kankan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Kò wọ́n tó ohun tí wọ́n máa gbà lórí páàdì.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ rẹ̀ náà kì í ṣe awo. Mẹ̀káníìkì á fa fúlúìdì àtijọ́ inú ike jáde, á bu tuntun sí i dé ojú àmì. Á wá lọ sí táyà tó jìnnà jù sí másítà, àyàfi tí ìwé mọ́tò bá ní kó bẹ̀rẹ̀ níbòmíràn. Á ki rọ́bà tí ojú ń rí inú rẹ̀ mọ́ ẹnu nípù kálípà, á ki ìdí rọ́bà náà bọ inú ìgò tó ní fúlúìdì díẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á wà nínú ọkọ̀. "Tẹ̀ ẹ́." Yóò tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá á tú nípù, fúlúìdì á tú jáde. "Dì í mú, má gbé ẹsẹ̀ o." Ọ̀gá á dè é padà, ìgbà yẹn lọmọ tó lè gbé ẹsẹ̀. Wọ́n á máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí èyí tó ń jáde á fi mọ́ kedere láìsí afẹ́fẹ́ kankan nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n á bọ́ sí táyà tó kàn. Ike òkè kò gbọ́dọ̀ gbẹ láàárín gbogbo èyí, tó bá gbẹ, afẹ́fẹ́ á wọlé, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Nǹkan bíi lítà kan máa ń tó fún mọ́tò kékeré. ABS míràn máa ń béèrè pé kí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣí fálífù inú rẹ̀ kí gbogbo èyí tó gbó tó lè jáde.

Oríṣi tó yẹ ká rà wà lára ìdérí ike fúnra rẹ̀. DOT 3 ni ẹ máa bá lórí ọ̀pọ̀ mọ́tò Jàpáànì tó wà ní títì wa, DOT 4 sì ni ti ọ̀pọ̀ èyí tó wá láti Yúróòpù. DOT 4 lè rọ́pò DOT 3, wọ́n sì lè pò pọ̀ láìba rọ́bà jẹ́, nítorí ọmọ ìyá ni wọ́n. DOT 5.1 náà bá wọn lọ. Ẹ má fi DOT 3 rọ́pò DOT 4, ẹ má sì da DOT 5 pọ̀ mọ́ ìkankan nínú wọn. Ní ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì gíà tí àwọn kan máa ń bu sí i lójú ọ̀nà nígbà tí fúlúìdì tán, rọ́bà inú másítà àti kálípà á mu ún, á wú, á sì rọ̀ bọ̀kọ̀tọ̀. Bíréèkì lè mú mọ́ dísìkì láìtú sílẹ̀ mọ́, ó sì lè má mú rárá. Bí irú rẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, fífọ inú páìpù kò tó. Gbogbo rọ́bà tó fara kan ọ́ìlì náà, láti másítà dé họ́ọ̀sì dé kálípà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni wọ́n máa yọ.